Bí mo ṣe rí ìdí omi tó ń gun ògiri ilé amọ̀ wa n'Íbàdàn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé àtijọ́, tí ìsàlẹ̀ ògiri ń rin, tí pẹ́ǹtì ń bó, tí iyọ̀ funfun ń hù jáde lára ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì ra pẹ́ǹtì míì. Ilé bàbá àgbà wa n'Íbàdàn ni mo ti ṣe iṣẹ́ yìí. Ilé amọ̀ ni, ògiri ẹ̀ nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, orí òkúta ni wọ́n gbé e lé, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ nínú lóde.

Pálọ̀ ló burú jù. Omi ti gùn ún tó mítà kan, ó fa ìlà gbọọrọ kan yí yàrá ká. Òkè ìlà yẹn gbẹ, àmọ́ nísàlẹ̀ ẹ̀, sìmẹ́ǹtì ti wú kúrò lára amọ̀, tẹ́ ẹ bá fi ìka gbá a á máa dún bí igbá òfìfo.

Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ní oògùn tiẹ̀ lọ́wọ́. Bíríkìlà kan ní ká lẹ táìsì dé ìdajì ògiri. Ẹnìkan ní ká dá ihò lu ìsàlẹ̀ ká fa kẹ́míkà sínú ẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń ṣe fún ògiri bíríkì tí kẹ́míkà lè tọ ojú ìsopọ̀ sìmẹ́ǹtì ẹ̀ lọ, amọ̀ tó nípọn báyìí ò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Ti táìsì ńkọ́? Mo ti rí ilé tí wọ́n ti ṣe é ládùúgbò wa, ojú táìsì ń dán, àmọ́ ibi tí táìsì parí sí gan-an ni ọ̀rinrin tún ti bẹ̀rẹ̀. Omi yẹn ò lọ síbì kankan o, ojú tó ń gbà jáde ni wọ́n dí, ló bá gùn sókè sí i.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ n kọ́kọ́ mọ ibi tómi ti ń wá. Ti páìpù ni mo fi bẹ̀rẹ̀ torí òun ló rọrùn jù: a pọn omi kún táǹkì lálẹ́, a ti gbogbo ẹ̀rọ pa, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tómi dé. Nígbà tílẹ̀ mọ́, omi ò kúrò lójú àmì. Ti òrùlé ò le rárá, torí òjò tó bá ń jò láti òkè, òkè ló ti máa ń tọ ògiri bọ̀, kì í fo òkè sílẹ̀ kó lọ dúró nísàlẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn mo gé náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara, mo fi téèpù lẹ gbogbo etí ẹ̀ mọ́ ògiri pinpin kí afẹ́fẹ́ má bàa ráyè wọlé, mo fi í sílẹ̀ bí ọjọ́ méjì. Tó bá jẹ́ ojú tó kọ sí yàrá ló lómi, afẹ́fẹ́ inú ilé ló fà á, fèrèsé lẹ máa tún ṣe. Tiwa, ẹ̀yìn náílọ́ọ̀nù, lójú tó kọ sí ògiri, ni omi to sí.

Èyí tó wá dá mi lójú jù ni wíwọ̀n. Mo yá dírílì, mo lu ògiri wọ inú dáadáa níbi mẹ́ta lórí ìlà òòró kan ṣoṣo: nítòsí ilẹ̀, ní ibi tó tó orúnkún, àti lókè ìlà ọ̀rinrin yẹn. Ẹ rọra lù ú o, kí dírílì má bàa gbóná kó lọ gbẹ amọ̀ yẹn fún yín, kẹ́ ẹ sì da èyí tó kọ́kọ́ jáde nù torí sìmẹ́ǹtì àti iyọ̀ ojú ògiri ló pọ̀ nínú ẹ̀. Iyọ̀ yẹn máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ lásìkò òjò, á wá dà bíi pé omi ṣì ń gùn nígbà tó ti dúró. Mo wọn ọgọ́rùn-ún gíráàmù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, mo yan án lórí iná díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi fúyẹ́ sí i mọ́. Ti ìsàlẹ̀ ku 86, ti àárín ku 91, ti òkè ku 97. Bó ṣe ń dínkù bó ṣe ń lọ sókè yẹn, ilẹ̀ ló ti ń bọ̀ nìyẹn.

Àmọ́ ilé yẹn ti wà kí wọ́n tó bí bàbá mi, kí ló dé tí kò rin láyé ìgbà yẹn? Ìyá àgbà ló dá mi lóhùn, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìbéèrè mi làwọn ń dáhùn. Wọ́n ní, "Àtẹ̀gùn mẹ́ta la máa ń gùn wọlé nígbà tí mo dé ilé yìí níyàwó." Ẹ wò ó, ẹyọ kan ò kù níta mọ́! Mo ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri wò, la bá bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lábẹ́ kọnkéré. Gírédà ti da ilẹ̀ síbẹ̀, àwọn ará ilé da àwókù búlọ́ọ̀kù lé e, wọ́n wá fi kọnkéré bò ó. Ilẹ̀ ìta ti fi ìdajì ẹsẹ̀ bàtà ga ju ilẹ̀ pálọ̀ lọ, ó sì dà gẹ̀rẹ́ wá sára ògiri, omi òjò tó ń ro látorí páànù ń wọ́ lọ síbẹ̀ tààrà. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n wá fi rẹ́ ilé ò jẹ́ kó ráyè gbẹ jáde.

A fọ́ kọnkéré yẹn kúrò ní ìwọ̀n mítà kan sí ògiri, a gbẹ́ ilẹ̀ títí tó fi lọ sílẹ̀ ju pálọ̀ lọ ní ìdajì ẹsẹ̀ bàtà. Díẹ̀díẹ̀ ni o, a ò ṣí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilé lẹ́ẹ̀kan náà, a ò sì gbẹ́ dé abẹ́ òkúta ìpìlẹ̀, torí ògiri amọ̀ tó ti rin lè ya lulẹ̀ lé èèyàn lórí. Ilẹ̀ tuntun náà dà gẹ̀rẹ́ síta, òkúta wẹ́wẹ́ la dà sí ẹsẹ̀ ògiri, kì í ṣe kọnkéré. A so gọ́tà mọ́ etí òrùlé, a darí páìpù ẹ̀ sí gọ́tà títì.

A gé sìmẹ́ǹtì kúrò tinú tòde, a fi ẹsẹ̀ bàtà kan kọjá ìlà ọ̀rinrin. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ la fi gbá iyọ̀ yẹn, a kó o dànù, torí tẹ́ ẹ bá fomi fọ̀ ọ́, inú ògiri náà lẹ tún ń dá a padà sí. A wá fi ògiri sílẹ̀ lásán títí ọyẹ́ fi parí. Ó burẹ́wà o, àwọn àlejò ń bi wá bóyá owó ló tán.

Amọ̀ pupa, yanrìn, koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́ àti ẹ̀bọ́tọ́ la fi tún un rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ pò ó lóríṣiríṣi, kẹ́ ẹ fi díẹ̀díẹ̀ rẹ́ ibi kékeré wò: èyí tó bá sán, amọ̀ ẹ̀ ti pọ̀ jù, èyí tó bá ń rún sí yín lọ́wọ́, yanrìn ló pọ̀. Tiwa dúró sí páànù amọ̀ kan sí yanrìn méjì. Ẹfun la fi kùn ún, a ò lo pẹ́ǹtì olóròóró torí bíi táìsì náà ló ṣe máa dí i. Ti ìta á máa gba àtúnṣe lẹ́yìn òjò, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nígbà tí mo tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn òjò tó tẹ̀lé e, ti ìsàlẹ̀ pálọ̀ ku 95. Igun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná ló ṣì wà ní 89, torí omi balùwẹ̀ ilé kejì ń ṣàn wá síbẹ̀. A ti bá wọn sọ ọ́, wọ́n láwọn máa yí páìpù padà, a ò tíì rẹ́ igun yẹn títí wọ́n á fi ṣe é.