Lílé Orin Ìsìn Nílà-Nílà: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ará Abà àti Ìdílé

Ẹni tí wọ́n bá ní kó dá orin níbi ìsìn abà tàbí níbi àdúrà ìrọ̀lẹ́ la kọ ìwé yìí fún, pàápàá níbi tí ìwé orin kan ṣoṣo bá wà láàárín ogún ènìyàn. Aṣáájú yóò lé ìlà kan, gbogbo ìjọ yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọn yóò kọ ọ́, yóò tún lé èkejì, títí orin yóò fi parí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò mọ̀wé kà, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, àti ọmọ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé yóò ṣe jọ kọ orin kan náà láìfo ọ̀rọ̀ kankan.

Àṣà náà ti pẹ́. Ní 1645, ìwé ìlànà ìsìn tí àpéjọ Wẹsimínsítà ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé níbi tí ọ̀pọ̀ nínú ìjọ kò bá ti lè kàwé, kí òjíṣẹ́ tàbí ẹlòmíràn tó yẹ máa ka Sáàmù nílà-nílà kí wọ́n tó kọ ọ́. Wọ́n ṣì ń ṣe é dòní ní erékùṣù Lúìsì ní Sikọ́tíláńdì, níbi tí wọ́n ti ń kọ Sáàmù ní èdè Gélíìkì. Àwọn Onítẹ̀bọmi kan ń ṣe é ní agbègbè olókè Kẹ̀ńtọ́kì, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìjọ aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà. Ohun kan wà lọ́wọ́ wọn tó yẹ ká kọ́. Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀ tán, aṣáájú wọn kì í fi ohùn orin gan-an lé ìlà. Ó máa ń yára pè é lórí ohùn bíi méjì tàbí mẹ́ta, bí ẹni ń sun rárà kúkúrú, ìjọ ló wá ń fi ohùn orin fà á gùn.

Ọ̀pọ̀ aṣáájú níbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi ohùn orin lé ìlà, ìjọ á sì tún fi ohùn orin kan náà kọ ọ́. Bí ohùn orin náà bá ṣàjèjì sí gbogbo ènìyàn, kò sí ọgbọ́n míì ju ìyẹn lọ, nítorí ohùn orin gan-an lẹ ń kọ́ wọn. Àmọ́ bí wọ́n bá ti mọ ohùn orin, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan ni wọn kò mọ̀, ẹ fi ohùn ọ̀rọ̀ sísọ lé e. Èdè wa gan-an ló bèèrè fún un. Ọ̀pọ̀ ohùn orin tí a ń lò nínú ìjọ ni wọ́n ṣe fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì tẹ̀ lé dò, re, mi tó wà lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ẹkúndayọ̀ Fílípìsì, tó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ṣọ́ọ̀ṣì Kàtídírà ní Màrínà, Èkó, tẹ ìwé kan jáde ní 1953 lórí bí ọ̀rọ̀ àti orin ṣe so mọ́ra nínú orin Yorùbá. A kò lè tún gbogbo ohùn orin àtijọ́ ṣe lálẹ́ ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí ìjọ bá ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ á ti wà lọ́kàn wọn kí ohùn orin tó yí i padà.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹsẹ kan ṣe é. Èmi ni mo kọ ọ́ fún ìwé yìí, lórí ìwọ̀n tí ẹ ó rí lókè ọ̀pọ̀ orin nínú ìwé orin, ìyẹn 8.6.8.6. Àwọn nọ́ḿbà yẹn ń sọ iye ìró tó wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan.

Olúwa, a wá sọ́dọ̀ Rẹ
Lálẹ́ òní, gbọ́ wa;
Irúgbìn tí a gbìn sílẹ̀
Jẹ́ kí ó so púpọ̀.

Ẹ fi ìka ka ìlà àkọ́kọ́: O-lú-wa, a wá sọ́-dọ̀ Rẹ. Ìró mẹ́jọ ni. Ohùn orin èyíkéyìí tó bá ní 8.6.8.6 lórí ló lè gbà á. Ẹ wá sọ ìlà náà bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó tì yín, kí ẹ sì gbọ́ bí ohùn yín ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀: re mi re, re mi mi dò re. Ohùn mẹ́ta péré nìyẹn. Ẹ mú ohùn mẹ́ta yẹn, ẹ gbé e sókè díẹ̀ kó lè dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì pe ìlà náà lẹ́ẹ̀kan láìfà á. Kó má ju bí èémí kan lọ.

Ìlà kẹrin ló gba ìṣọ́ra jù. Re ni “so” níbẹ̀, mi ló ṣáájú rẹ̀, mi ló sì tẹ̀ lé e: mi mi mi re mi dò. Bí ohùn orin tí ẹ yàn bá gòkè lórí “so”, ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí wọ́n gbọ́ níbi ìsìn ni yóò jáde, àwọn ọmọdé ló sì máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kí ẹ tó yan ohùn orin fún ẹsẹ kan, ẹ kọ ọ́ jáde fún ara yín nínú yàrá, kí ẹ máa wá irú ibi bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá rí i, ẹ wá ohùn orin míì tó ní ìwọ̀n kan náà. Tí kò bá sí òmíràn tí ìjọ mọ̀, ẹ lé ìlà yẹn kó ṣe kedere, kí “so” sọ̀ kalẹ̀ dáadáa lẹ́nu yín, kí ìjọ tó kọ ọ́.

Ìṣòro kejì wà nínú ìlà kẹta. “Irúgbìn tí a gbìn sílẹ̀” kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹni tó gbọ́ ọ yóò máa dúró de ìyókù, síbẹ̀ yóò ní láti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìmọ ibi tó ń lọ. Áísáàkì Wọ́ọ̀tìsì rí ìṣòro yìí láyé tirẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé orin rẹ̀ ti 1707, ó ṣàlàyé pé òun sapá kí gbólóhùn máa parí síbi tí ìlà bá parí sí, nítorí àwọn ìjọ tó ń kà tí wọ́n tún ń kọ. Kì í ṣe gbogbo akọ̀wé orin ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa. Nítorí náà, bí ìlà kan kò bá dá dúró, ẹ lé e pọ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Nínú ẹsẹ yìí, èmi a máa lé ìlà kìíní lọ́tọ̀, ìkejì lọ́tọ̀, kí n tó wá lé ìkẹta àti ìkẹrin papọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìró mẹ́rìnlá ni, ẹ̀yà etí sì lè mú un dání. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, àwọn tó wà lẹ́yìn á ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Kí ẹ tó lé ohunkóhun, ẹ ní láti mọ ibi tí ẹ ó ti mú ohùn, nítorí kò sí dùùrù tí yóò fi hàn yín. Nínú ọ̀pọ̀ ohùn orin, ìlà kẹta ló máa ń ga jù. Ẹ kùn ìlà kẹta sínú ara yín, ẹ wò ó bóyá ẹ lè dé òkè rẹ̀ láìna ọrùn. Bí ó bá rọrùn fún yín nígbà tí ẹ ń kùn ún jẹ́ẹ́, ẹ padà sí ìlà kìíní láti ibẹ̀, kí ẹ dá orin náà. Ìlà àkọ́kọ́ yìí nìkan lẹ ó fi ohùn orin dá tán, kí ìjọ lè mọ irú orin tó jẹ́ àti bó ṣe ga tó. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ohùn ọ̀rọ̀ lé e.

Tí ẹ bá ti mú un ga jù, ẹ ó mọ̀ kí ẹsẹ kìíní tó parí. Àwọn ọkùnrin á dákẹ́ ní ìlà kẹta, àwọn ìyá àgbà á sì já ohùn wọn sísàlẹ̀ lójijì. Ẹ má ṣe dá orin dúró láàárín ẹsẹ. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ náà parí, ẹ mí, ẹ tún un dá nísàlẹ̀ díẹ̀. Ìjọ kì í bínú sí ìyẹn. Ohùn orin tó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹsẹ dé ẹsẹ kò tún burú, ohun tí ìjọ tí kò ní dùùrù máa ń ṣe ni, àfi tí ìlà tó wà nísàlẹ̀ jù bá ti di ìkùnsínú.

Àkókò ló ń yọ ọ̀pọ̀ aṣáájú lẹ́nu. Bí ẹ bá dúró kí ìjọ dákẹ́ tán kí ẹ tó lé ìlà tó kàn, àlàfo á wọlé, ẹnìkan á wúkọ́, orin á sì tutù. Bí ẹ bá sì tètè wọlé, àwọn tó wà lẹ́yìn kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Ibi tó yẹ kí ẹ wọlé ni orí ìró ìkẹyìn tí ìjọ ń fà. Nígbà tí wọ́n bá ń fa “Rẹ” ní ìparí ìlà kìíní, “Lálẹ́ òní” ti yẹ kó jáde lẹ́nu yín. Èémí wá dà? Ẹ má bá wọn kọ ìró méjì tó gbẹ̀yìn. Ẹ jáwọ́ ní “sọ́”, ẹ jẹ́ kí ìjọ kọ “dọ̀ Rẹ” fúnra wọn, ẹ sì fi àkókò yẹn mí sínú. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dá orin, mo máa ń bá wọn kọ gbogbo ìró, nígbà tó bá sì fi máa di ẹsẹ kẹta, ohùn mi a ti há. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ìyá àgbà kan ló kàn ní, “Ọmọ mi, fi díẹ̀ sílẹ̀ fún wa.”

Ẹ máa wo ẹnu àwọn tó jókòó lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Bí ètè wọn bá ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì ìlà, wọn kò gbọ́ lílé yín, ọ̀dọ̀ àwọn tó wà níwájú ni wọ́n ti ń gba ọ̀rọ̀. Ẹ má pariwo. Ẹ kọjú sí wọn, ẹ gbé orí kúrò nínú ìwé, kí ẹ sì pe àwọn kọ́ńsónáǹtì kó mú. Ẹni tó bá dorí kodò sínú ìwé, inú ìwé náà ló ń lé orin sí. Ẹ ka ìlà méjì sórí lẹ́ẹ̀kan kí ẹ lè gbé ojú sókè. Bí òjò bá sì dé sórí páànù, lílé ti parí nìyẹn. Ẹ bọ́ sí orin tí gbogbo ènìyàn mọ̀ lórí.

Orin tí a ń lé máa ń pẹ́ ju orin tí a kà láti inú ìwé lọ. Ẹsẹ mẹ́ta tó fún àdúrà ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì ti yàn wọ́n ṣáájú. Àwọn ìjọ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà tí mo mẹ́nu kàn máa ń fi ẹsẹ kan kùn níparí, láìlo ọ̀rọ̀ rárá. Ó dára fún alẹ́ tí ara bá rẹ gbogbo ènìyàn láti oko: ẹ lé ẹsẹ méjì, kí ẹ sì kùn ìkẹta.

Bí ọmọ kan bá wà nílé tó ti lè kàwé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí fi í dánwò báyìí. Ẹ má ṣe gbé odidi orin fún un. Ẹ jẹ́ kó jókòó tì yín pẹ̀lú àtùpà, kó máa lé ìlà ìkejì nìkan, nítorí ìró mẹ́fà péré ló ní. Tó bá ti ń wọlé lórí ìró ìkẹyìn láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án léjìká, ẹ fún un ní ìlà kìíní pẹ̀lú.