Bí mo ṣe kọ̀wé sí rẹ́jísírà nígbà tí tiransikíríìtì mi dé ní títì pa

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí mo sanwó ni ọ́fíìsì rẹ́jísírà ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí mo ti gboyè tó fi tiransikíríìtì mi ránṣẹ́ sí mi nínú ímeèlì, gẹ́gẹ́ bí fáìlì PDF. Bí mo ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, àpótí kékeré kan yọ lójú ẹ̀rọ, ó ní kí n kọ páásíwọ̀ọ̀dù. Mo tú gbogbo ímeèlì tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí mi yẹ̀wò, títí dé ibi tí àwọn ìpolówó ń kó sí, n kò rí páásíwọ̀ọ̀dù kankan.

Ìkánjú ló mú kí n kọ ìlà kan ṣoṣo padà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, fáìlì yín kò ṣí." Ọjọ́ mẹ́rin kọjá kí èsì tó dé, ohun tí wọ́n sì sọ ni pé kí n tún fáìlì náà gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. N kò lè dá wọn lẹ́bi, nítorí pé fáìlì tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà kò ní ṣí, èyí tí wọ́n tì pa náà kò sì ní ṣí. Yàtọ̀ sí èyí, oríṣi páásíwọ̀ọ̀dù méjì ni PDF lè ní: ọ̀kan wà fún ẹni tó fẹ́ kà á, èkejì sì wà fún ẹni tó ni ín, òun ni ó fi ń dá òǹkàwé dúró láti má ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde tàbí yí nǹkan inú rẹ̀ padà. Èyí àkọ́kọ́ ni mo nílò, ó sì yẹ kí lẹ́tà mi sọ bẹ́ẹ̀.

Kí n tó kọ òmíràn, mo gbìyànjú fáìlì náà lórí fóònù, mo sì tẹ àṣẹ yìí lórí kọ̀ǹpútà:

```
pdfinfo transcript.pdf
```

`Command Line Error: Incorrect password` ni ó fi dá mi lóhùn. Ká ní fáìlì náà ti bàjẹ́ ni, àléébù inú rẹ̀ ni ì bá máa sọ, kì í ṣe ti páásíwọ̀ọ̀dù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n gbé e lọ sí ojúlé tí ń já irú títì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo kọ̀. Bí tiransikíríìtì bá ní ìbuwọ́lù orí ẹ̀rọ, fífi agbára ṣí i kí a sì tún un tọ́jú lákọ̀tun yóò ba ìbuwọ́lù náà jẹ́, ẹni tó bá sì yẹ̀ ẹ́ wò yóò rí i pé wọ́n ti fọwọ́ kàn án.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ lẹ́tà kejì, ohun tó sọ sì nìyí:

"Sí Rẹ́jísírà. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Tiransikíríìtì mi tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ajé, mo sì dúpẹ́. Fáìlì náà kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó ń béèrè páásíwọ̀ọ̀dù kí ó tó ṣí, lórí fóònù àti lórí kọ̀ǹpútà. Mo ti fi nọ́ńbà mátíríìkì mi dán an wò, pẹ̀lú ìlà dídagun àárín rẹ̀ àti láìsí i. Mo sì ti fi ọjọ́ ìbí mi dán an wò ní nọ́ńbà mẹ́jọ, ọjọ́ ṣáájú, oṣù tẹ̀lé e, ọdún gbẹ̀yìn. Kò sí èyí tó ṣí i. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fi páásíwọ̀ọ̀dù tí a fi ń kà á ránṣẹ́ sí nọ́ńbà fóònù mi tó wà nínú àkọsílẹ̀ yín, kì í ṣe sínú ímeèlì kan náà tí fáìlì wà. N kò béèrè pé kí ẹ yọ títì rẹ̀ kúrò. Ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ìsanwó mi wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí."

Mo fi orúkọ mi, nọ́ńbà mátíríìkì, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àti ọdún tí mo gboyè sí ìsàlẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, obìnrin kan pè mí láti ọ́fíìsì náà. Ó ní, "Ẹ kú ọ̀sán o. Ọjọ́ ìbí yín náà ni páásíwọ̀ọ̀dù, bí ẹ ṣe kọ ọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ẹ ka ọjọ́ ìbí yín fún mi." Mo ní ọjọ́ keje oṣù kẹta. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ọjọ́ kẹta oṣù keje ló wà níbí."

Mo tẹ 0307 dípò 0703, mo fi ọdún tì í, fáìlì sì ṣí. Ọjọ́ ìbí tí kò tọ̀nà yẹn náà ni wọ́n tẹ̀ sí òkè tiransikíríìtì, lábẹ́ orúkọ mi. Bí mo bá ti já títì náà ni, bóyá n kì bá tí fiyè sí i kí n tó fi ṣọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ tó ń dúró dè é, tí yóò sì tako ìwé ìrìnnà mi. Obìnrin náà ní kí n fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí mi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, fáìlì tuntun dé, mo tẹ 0703 àti ọdún, ó ṣí lẹ́ẹ̀kan náà.