Ímójì nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́: ṣé ẹ̀bẹ̀ wà nínú rẹ̀?

Àpótí kékeré lásán ni mo rí. Kí ni ẹni náà sọ?

Fóònù yín ti pẹ́ ju ímójì náà lọ, kò ní àwòrán rẹ̀ nínú. Ẹ ní kí ẹni náà kọ ọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe méfò.

Mo sọ iye owó ọjà, oníbàárà fi 👍 nìkan fèsì. Ṣé ó ti rà á nìyẹn?

Rárá. Ó ti rí iye owó ni. Ẹ má ṣe di ẹrù títí owó yóò fi wọlé.

🙏 nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi. Ọpẹ́ ni, àmín ni, àbí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀?

Ìbéèrè tí mo dáhùn jù lọ nìyí, ó sì ń dùn mí pé àwòrán náà ni gbogbo ènìyàn ń tẹjú mọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ó wà lókè rẹ̀ ni yóò tú u. Ẹ wo ohun tí ẹ̀yin fi ránṣẹ́ kẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ àdúrà, àmín ni. Bí ó bá jẹ́ oore, ọpẹ́ ni, kódà bí 🙏 bá tún dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí pé Yorùbá a máa kí ara wọn pé "ẹ ṣé àná". Bí kò bá sí àdúrà tàbí oore níbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rò.

Èyí tí ó fún mi ní wàhálà jù ni ti ìyá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó fẹ́ ra aṣọ lọ́wọ́ mi, èyí tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀ yóò wọ̀ sí Ojúde Ọba. Mo fi iye owó àti nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́, 🙏 ni ó fi fèsì. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó tún fi 🙏🙏 ránṣẹ́ pẹ̀lú sítíkà ọmọdé tí ó kúnlẹ̀. N kò gbàdúrà fún un, n kò sì tíì fún un ní nǹkan kan, nítorí náà ẹ̀bẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ wo? Ọmọ tí ó ń bá mi tajà ní kí a dín owó ni. Àbúrò mi ní àwìn ni. Ibi tí àyẹ̀wò yìí mọ nìyẹn: ó lè fi hàn pé wọ́n ń tọrọ nǹkan, kò lè fi ohun tí wọ́n ń tọrọ hàn. Bí mo bá sì béèrè pé ṣé kí n dín owó, èmi fúnra mi ni mo fi ẹ̀dínwó lọ̀ ọ́ yẹn. Nítorí náà mo kọ ọ́ pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe lórí aṣọ náà?" Ohùn ni ó fi fèsì. Àjọ rẹ̀ kò tíì bọ́ sí i lọ́wọ́. Kí n ṣáà bá òun fi aṣọ náà pa mọ́, òun yóò san owó rẹ̀ pé.

Ẹ̀gbọ́n mi fi 😭🙏 ránṣẹ́ lóru, kò kọ nǹkan kan. Ṣé kí n fi owó ránṣẹ́?

Ẹ má tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Àwọn gbájúẹ̀ máa ń gba Wásáàpù mọ́ ẹni tí ó ni ín lọ́wọ́, wọn a sì máa fi tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ẹbí rẹ̀. Ẹ pe nọ́ńbà rẹ̀ gan-an, kì í ṣe lórí Wásáàpù, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí kò bá gbé e, ẹ pe ẹni tí wọ́n jọ ń gbé.