Lílù Gángan Kan Ṣoṣo Lórí Bọ́tìnnì Mọ́kànlá

Mo fẹ́ gba lílù kan ṣoṣo sílẹ̀, kí n lè máa fi kíbọọ̀dù orin tẹ̀ ẹ́ ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Ìyáàlù ni mo kọ́kọ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìlù náà dára, ṣùgbọ́n ṣaworo etí rẹ̀ ló kó bá mi. Nígbà tí mo tẹ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ lórí kíbọọ̀dù, ohùn awọ lọ sílẹ̀ bí mo ṣe fẹ́, àmọ́ ṣaworo náà bá a lọ, ó ń ró bí agogo ńlá. Lókè ẹ̀wẹ̀, ó di ohun tín-ín-rín tó ń ta sí ènìyàn létí. Ni mo bá bẹ bàbá onílù kan ládùúgbò wa pé kí wọ́n bá mi lu gángan tí kò ní ṣaworo.

Mo ta kọ́tìnnì bo fèrèsé, mo gbé maiki síwájú ojú ìlù, kò jìnnà sí i.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ọ̀sán níwọ̀nba, kí ẹ sì dì í mú bẹ́ẹ̀ títí ohùn á fi tán.”

Wọ́n wò mí. “Ìlù tí kò ní sọ̀rọ̀ lo fẹ́?”

Mo ṣàlàyé pé bí ọwọ́ bá tún fún ọ̀sán lẹ́yìn tí kọ̀ǹgọ́ ti kan awọ, ohùn tó ń yí náà á wọ inú fáìlì. Á máa yára yí lórí àwọn bọ́tìnnì òkè, á máa falẹ̀ nísàlẹ̀, kò sì ní bá orin kankan mu. Wọ́n dì í mú ní ohùn àárín, wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ìkẹfà ni mo mú, torí pé ibi tó ga jù nínú rẹ̀ kò kọjá -6 dB, ariwo ọ̀kadà kò sì wọ inú rẹ̀.

Audacity ni mo fi gé e. Nígbà àkọ́kọ́, mo fi ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ níwájú lílù náà, nǹkan bíi mílíìsẹ́kọ́ǹdì 45. Nígbà tí mo wá ń tẹ̀ ẹ́, ìlù ń pẹ́ kí ó tó dún, mo sì rò pé kọ̀ǹpútà ló ń lọ́ra. Àmọ́ bí mo ṣe ń lọ sí ìsàlẹ̀ kíbọọ̀dù ni ìpẹ́ náà ń pọ̀ sí i. Ibẹ̀ ni ó ti yé mi. Sáńpílà, ìyẹn ètò tó ń mú kí ohùn tí a gbà sílẹ̀ máa dún lórí àwọn bọ́tìnnì, máa ń ka fáìlì jẹ́jẹ́ kí ohùn lè lọ sílẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ iwájú á sì fà gùn pẹ̀lú rẹ̀: ní bọ́tìnnì méjìlá sí ìsàlẹ̀, 45 á di 90. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni, ìpẹ́ náà kò ní yàtọ̀ láti bọ́tìnnì kan sí èkejì.

Mo wá fa àwòrán ohùn náà tóbi. Ìlà náà tẹ́jú, abẹ́rẹ́ kékeré kan yọ, kí ìgbì ńlá tó tẹ̀ lé e. Abẹ́rẹ́ yẹn ni kọ̀ǹgọ́ tó kan awọ, a kì í gé e dànù. Mo dán an wò: ìlù náà di “bùù” tí kò ní ẹnu. Iwájú abẹ́rẹ́ yẹn gan-an ni mo gé, mo sì tẹ Z kí etí ibi tí mo gé lè bọ́ sí ibi tí ìgbì ti kọjá lórí òdo, nítorí bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, á máa ta “tá” ní ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kù sí mílíìsẹ́kọ́ǹdì 640, mo sì fi Fade Out sí 80 tó kẹ́yìn.

Plot Spectrum sọ fún mi pé 226 Hz ni ohùn ìlù náà, bọ́tìnnì A3 ló sì sún mọ́ ọn jù. Ṣùgbọ́n 220 Hz ni A3 fúnra rẹ̀. Bí a bá pín àlàfo A3 sí bọ́tìnnì tó tẹ̀ lé e sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, ìlù bàbá fi nǹkan bíi 47 ga ju A3 lọ. Ohun tí mo kọ sínú fáìlì SFZ, èyí tó ń sọ fún sáńpílà bí yóò ṣe lo ohùn náà, nìyí:

```
<region>
sample=gangan.wav
lokey=52 hikey=62
pitch_keycenter=57
tune=-47
loop_mode=one_shot
```

57 ni nọ́ńbà A3. Ibẹ̀ ni ìlù ti ń dún bí ó ṣe rí, bí a bá yọ 47 tí mo fà á wálẹ̀ kúrò. Ìlà tó kẹ́yìn ni kì í jẹ́ kí ohùn já nígbà tí ìka bá kúrò lórí bọ́tìnnì.

Bọ́tìnnì 45 sí 69 ni mo kọ́kọ́ tẹ́ ẹ dé, mo sì pe bàbá kí wọ́n gbọ́ ọ. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n ní, “Èyí ti di ìlù mìíràn.” Òótọ́ ni. Bí onílù bá dẹ ọ̀sán, ohùn awọ nìkan ló ń lọ sílẹ̀. Igi ìlù kò tóbi sí i, kọ̀ǹgọ́ kò sì wúwo sí i. Sáńpílà ní tirẹ̀ ń fa gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ pọ̀. Mo ń dín in kù lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí bàbá fi mi orí: bọ́tìnnì márùn-ún sí òkè, márùn-ún sí ìsàlẹ̀. Ní ti ohùn tó lọ sílẹ̀ ju ìyẹn lọ, wọ́n ti ṣèlérí láti dẹ ọ̀sán kí wọ́n sì lù ú fún mi lọ́tọ̀, kí n lè kọ `<region>` tirẹ̀ fún un.