Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú àpèjúwe aṣọ òfì fún títà

Àṣìṣe tí ó burú jù lọ nínú àpèjúwe aṣọ òfì ni pípe gbogbo aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti yanrìn ní sányán. Okùn tí wọ́n ran láti ara ilé tí kòkòrò inú igbó kan hun yí ara rẹ̀ ká ni wọ́n ń fi hun ojúlówó sányán, iṣẹ́ náà sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ náà fi ṣọ̀wọ́n lóde òní. Bí ó bá jẹ́ òwú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n pa láró sí àwọ̀ náà ni, ẹ kọ ọ́ pé "aṣọ òfì aláwọ̀ sányán, òwú ilé-iṣẹ́ ni a fi hun ún". Ẹni tí ó san owó sányán tí ó sì gba òwú ilé-iṣẹ́ ti di ẹni tí a rẹ́ jẹ, bí aṣọ náà tilẹ̀ wuyì lójú. Bí irú okùn náà kò bá dá yín lójú, ẹ fa fọ́nrán kan yọ létí aṣọ kí ẹ sì fi iná kàn án. Okùn kòkòrò a máa rùn bí irun tí ó jóná, òwú àti réyọ́ọ̀nù a máa jó bí ìwé, pọliẹ́sítà ní tirẹ̀ a máa yọ́, a sì dì ní kókó líle.

Orírun aṣọ náà tún ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ olùtà ń kọ ibi tí wọ́n ti rà á bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti hun ún, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ tí ẹ rà ní ọjà Ọjẹ́ ní Ìbàdàn lè ti Ìsẹ́yìn tàbí ìlú mìíràn wá. Ẹ bi ẹni tí ó tà á fún yín léèrè ibi tí wọ́n ti hun ún, kí ẹ sì ya ìyẹn sọ́tọ̀ sí ibi tí òwú ti wá, nítorí aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ hun ní Ìsẹ́yìn lè jẹ́ òwú tí wọ́n kó wọlé láti òkèèrè. Kò sí àbùkù nínú ìyẹn, àbùkù ń bẹ nínú fífi í pamọ́.

Ní ti ìwọ̀n, ẹ má ṣe ka iye ọ̀já, ìyẹn àwọn aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń rán pọ̀ di ìró, kí ẹ sì fi fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ di púpọ̀. Ká sọ pé ìró kan ní ọ̀já 15 tí ó dúró lóòró, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ ní ìnṣì 4. Ìṣirò yẹn yóò fún yín ní ìnṣì 60, ṣùgbọ́n ojú rírán 14 ni ó wà láàárín wọn, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá sì jẹ ìdámẹ́rin ìnṣì, ìnṣì 3 àti ààbọ̀ ti lọ, ìnṣì 56 àti ààbọ̀ ni ó kù. Obìnrin tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ ìnṣì 46 tí ó ń retí ìnṣì 14 fún ibi tí etí ìró yóò ti gun orí ara wọn yóò rí ìnṣì 10 àti ààbọ̀ péré, ìró náà kò sì ní rọrùn láti dè. Nítorí náà, ẹ wọn aṣọ náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rán an pọ̀, lórí tábìlì, láìfà á, kí ẹ kọ fífẹ̀ àti gígùn rẹ̀ ní ìnṣì àti sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ sì sọ iye ọ̀já àti bóyá wọ́n dúró lóòró tàbí wọ́n wà ní ìbú. Bí ó bá jẹ́ òwú, ẹ fi kún un pé ó lè súnkì díẹ̀ nígbà àkọ́fọ̀.

Lórí ìtọ́jú, "ẹ fọ̀ ọ́ bí aṣọ yòókù" ni gbólóhùn tí ń ba aṣọ jẹ́. Aṣọ ẹtù tí wọ́n fi aró pa lè tú àwọ̀ dúdú sí aṣọ mìíràn, nítorí náà ẹ má ṣe ṣèlérí pé kò ní ṣí. Ẹ fi aṣọ funfun tí ó tutù nu igun kan kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí. Réyọ́ọ̀nù kì í lágbára nígbà tí ó bá tutù, fún ìdí èyí kí olùrà má ṣe fún un. Òwú dídán tí ń kọ yanranyanran lè yọ́ lábẹ́ áyọ́ọ̀nù gbígbóná, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn.

Àpèjúwe tí mo fara mọ́ lè rí báyìí: "Ìró aṣọ òfì tí a fi ọwọ́ hun ní Ìsẹ́yìn. Òwú ilé-iṣẹ́ àti ìlà tín-ín-rín òwú dídán. Ọ̀já 15 lóòró. Lẹ́yìn rírán, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìnṣì 56 àti ààbọ̀ (sẹ̀ǹtímítà 143 àti ààbọ̀), gígùn rẹ̀ jẹ́ ìnṣì 42 (sẹ̀ǹtímítà 107). Ẹ fi ọwọ́ fọ̀ ọ́ nínú omi tútù, òun nìkan, ẹ má ṣe fún un, ẹ sá a síbi ibòòji, kí ẹ sì fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná púpọ̀ lọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn. Fífẹ̀ ọ̀já kan lè yàtọ̀ díẹ̀ sí òmíràn." Ẹ ya àwòrán rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí àwọ̀ tí àwọn olùrà bá rí má baà yàtọ̀ sí èyí tí yóò dé ọwọ́ wọn.