Ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí òṣìṣẹ́ tó kú lẹ́nu iṣẹ́: ìbéèrè àwọn ẹbí àti ìdáhùn

Ọkọ mi kú lẹ́nu iṣẹ́. Ọ́fíìsì ní kí n lọ bá àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ṣé kò sí owó mìíràn?

Ó wà. Àpò mẹ́ta ni kí ẹ máa bèèrè, ọ̀tọ̀ sì ni ẹni tó ń di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú. Èkíní ni owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ti ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀. Èkejì ni owó ikú ẹnu iṣẹ́ tí agbanisíṣẹ́ ṣèlérí nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ tàbí nínú àdéhùn òun àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ibòmíràn wà tí kò sí rárá, ìwé náà ni kí ẹ wò. Ẹ̀kẹta ni ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí gbogbo òṣìṣẹ́, èyí tí wọ́n kì í sábà dárúkọ fún opó.

Òfin ìfẹ̀yìntì Nàìjíríà ti ọdún 2014, abala 4(5), ló pa ẹ̀kẹta yìí láṣẹ. Agbanisíṣẹ́ ló ń sanwó rẹ̀, iye tí ẹbí yóò gbà kò sì gbọdọ̀ dín sí ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tí òṣìṣẹ́ náà ń gbà lọ́dún. Bó bá ń gba ₦150,000 lóṣù, ₦1,800,000 nìyẹn lọ́dún. ₦5,400,000 ni owó ẹbí. Ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè kò lè sọ pé òfin yìí kò kan òun.

Ìwé wo ni ká kó dání?

Ìwé ẹ̀rí ikú láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn (ti ilé ìwòsàn nìkan kò tó). Ìwé dókítà tó sọ ohun tó pa á. Ìwé ìgbàsíṣẹ́ rẹ̀ àti ìwé owó oṣù tó gbà kẹ́yìn. Ìwé ìdánimọ̀ àti àkáǹtì ẹni tó máa gbowó. Bó bá jẹ́ jàǹbá ọkọ̀ tàbí tí ẹnìkan pa á, ẹ fi ìwé ọlọ́pàá kún un. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, kí ẹ má fi ojúlówó sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìgba ìwé pé wọ́n gbà á.

Orúkọ tó wà nínú ìwé ikú yàtọ̀ sí èyí tó wà ní ọ́fíìsì.

Ẹ lọ búra ní kóòtù pé ẹnìkan náà ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì, kí ẹ sì gba lẹ́tà ọ́fíìsì tó jẹ́rìí sí i. Ẹ ṣe é kí ẹ tó kó ìwé lọ, nítorí wọ́n máa dá a padà.

Àwọn àbúrò ọkọ mi ní owó ẹbí ni, àwọn ló máa gbà á.

Ẹni tí olóògbé kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù ìnṣọ́ránsì ni abala 8 òfin náà ní kí wọ́n san án fún. Ẹ ní kí ọ́fíìsì fi fọ́ọ̀mù náà hàn yín. Bí kò bá kọ orúkọ kankan, ọ̀rọ̀ di ti ẹ̀ka ogún ní ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ àbójútó ogún. Ìwé yẹn máa ń gbà tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹbí bá ń jà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àkókò ń lọ sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá ti mọ̀ pé kò sí orúkọ. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọn yóò bèèrè rẹ̀.

Oṣù kẹjọ rèé. Ọ́fíìsì ń sọ pé ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kò tíì sanwó, pé ká ní sùúrù.

Sùúrù kọ́ ló kù níbẹ̀. Bí ìwé bá ti pé, owó kì í pẹ́ tó báyìí. Òfin ìnṣọ́ránsì ti 2003 kò fún wọn ju 90 ọjọ́ lọ, òfin tuntun ti 2025 sì tún dín in kù. Nígbà tó bá ti di oṣù kẹjọ, ìdí kan wà tí ẹnìkan kò fẹ́ sọ, ó sì sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta.

Ó lè jẹ́ pé ọ́fíìsì kò fi ọ̀rọ̀ ikú náà tó ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì létí rárá. Ó lè jẹ́ pé orúkọ olóògbé kò sí nínú àkọsílẹ̀ ọdún yẹn, pàápàá bó bá jẹ́ pé ó dé lẹ́yìn tí wọ́n ti fi orúkọ ránṣẹ́. Èyí tó burú jù, tó sì wọ́pọ̀ jù, ni pé wọn kò tíì san owó ìnṣọ́ránsì nígbà tí ikú dé.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ìnṣọ́ránsì ọdún náà yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní 1 Oṣù Kìíní. Òṣìṣẹ́ kú ní 20 Oṣù Kejì. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ san owó ní 14 Oṣù Kẹta, wọ́n wá fi ìwé ikú ránṣẹ́ tẹ̀lé e. Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì máa kọ̀, òfin sì wà lẹ́yìn wọn, torí pé bí owó kò bá tíì wọlé, ìnṣọ́ránsì kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọ́fíìsì gba lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ yẹn, wọ́n fi í sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n sì ń sọ fún opó pé kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Gbèsè náà kò kú. Abala 4(6) òfin ìfẹ̀yìntì sọ pé bí agbanisíṣẹ́ bá kọ̀, tàbí tó gbàgbé láti sanwó ìnṣọ́ránsì, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá bí wọn yóò ṣe san owó òṣìṣẹ́ tó bá kú ní àkókò yẹn. Ti orúkọ tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ náà kò yàtọ̀: òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni òfin wí, kò yọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ yé lọ jókòó sí ọ́fíìsì. Ẹ kọ lẹ́tà kan, kí ẹ bèèrè ohun mẹ́rin péré: orúkọ ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì àti nọ́ńbà ìwé ìnṣọ́ránsì náà, ọjọ́ tí owó ìnṣọ́ránsì wọlé fún ọdún tí olóògbé kú, bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n fi ikú rẹ̀ tó wọn létí. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín, kí ọjọ́ sì hàn lára rẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì náà, ẹ kọ ìbéèrè kan náà sí wọn. Ibi tí ìdáhùn méjèèjì bá ti yàtọ̀ síra ni irọ́ wà.

Bí agbanisíṣẹ́ bá jẹ̀bi, ẹ kọ̀wé sí PenCom, àjọ tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì. Lọ́dọọdún ni ilé iṣẹ́ ń gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ wọn, wọn kò sì ń fún ilé iṣẹ́ tí kò bá fi ẹ̀rí ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí òṣìṣẹ́ hàn. Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ kọngílá ìjọba kò lè ṣe é láìní ìwé náà, ibẹ̀ ló ti ń dùn wọ́n. Bó bá jẹ́ pé ìwé ti pé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, tí wọ́n kàn dákẹ́, NAICOM, àjọ tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, ni ẹ ó kọ̀wé sí. Bí agbanisíṣẹ́ bá ṣì kọ̀ lẹ́yìn èyí, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá lọ́yà, kó gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Lọ́yà tí ẹ bá gbà ṣáájú àwọn lẹ́tà wọ̀nyí, lẹ́tà kan náà ni yóò kọ́kọ́ kọ, ẹ ó sì sanwó rẹ̀.

Wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ pé kí n fọwọ́ sí i pé ₦2,160,000 ni gbogbo owó mi.

Ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ẹ mú ìwé owó oṣù rẹ̀ jáde. Ká ní nínú ₦150,000 yẹn, ₦60,000 ni owó iṣẹ́ gan-an, ₦50,000 owó ilé, ₦40,000 owó ọkọ̀. Ẹ sọ ₦60,000 di ìlọ́po 36, ẹ ó rí ₦2,160,000. Ó túmọ̀ sí pé owó iṣẹ́ nìkan ni ọ́fíìsì kọ ránṣẹ́ kí owó ìnṣọ́ránsì tí wọ́n ń san lè kéré. Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kò ní san ju ohun tí wọ́n kọ fún un lọ, nítorí náà ẹ̀dínkù ₦3,240,000 náà dọwọ́ agbanisíṣẹ́. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ kọ̀wé sí agbanisíṣẹ́ fún ìyókù, kí ẹ sì kọ ọ́ sára ìwé ìnṣọ́ránsì náà pé apá kan owó ni ẹ gbà.