Bí Aago Ọwọ́ Yín Kò Bá Dá Yín Lóhùn Mọ́: Ẹ Wo Ìyọ̀ǹda Máìkì, Ẹ Wo Èdè

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bọ́ aago lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó gbé e síwájú mi. "Bá mi wo nǹkan yìí. Ó ti yadi. Mo pè é títí, kò dá mi lóhùn." Aago tó ń lo Wear OS ni, irú èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ fóònù Android, Google Assistant tó máa ń gbọ́ ohun tá a bá fẹnu sọ ló sì wà nínú rẹ̀. Ó ṣì ń ka ìṣísẹ̀ wọn, àtẹ̀jíṣẹ́ ń wọlé, wọ́n tiẹ̀ fi gba ìpè láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ká bá a sọ̀rọ̀ kó ṣe nǹkan fúnni nìkan ló kọ̀.

Àwọn tó ń bá èèyàn tún fóònù ṣe yóò ní kẹ́ ẹ nu gbogbo inú aago nù, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má tíì dá wọn lóhùn. Ẹ kọ́kọ́ wo irú ìdákẹ́ tó ń dá, torí ìdákẹ́ aago kì í ṣe oríṣi kan.

Ẹ mọ ibi tó ti ń dùn ún

Ẹ má pe "Hey Google" rárá. Bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ aago tó máa ń ṣí Assistant ni kẹ́ ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wá sọ̀rọ̀. Bó bá dáhùn, a jẹ́ pé máìkì dára, èdè náà dára. Gbólóhùn ìpè yẹn nìkan ni wọ́n pa. Ẹ tàn án padà lábẹ́ Settings, nínú Google, níbi tí wọ́n kọ Assistant sí. Ẹ sì rántí pé ọ̀pọ̀ aago kì í tẹ́tí sí ìpè àfi bí ojú rẹ̀ bá ń tàn, kí bátìrì má bàa tán. Ẹ gbé ọwọ́ sókè kí ojú rẹ̀ tàn ná, kẹ́ ẹ tó pè é.

Bí bọ́tìnnì bá ṣí i àmọ́ tí kò gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ, ẹ lọ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan lórí aago, ẹ tẹ àwòrán máìkì tó wà lára bọ́ọ̀dù ìkọ̀wé, kẹ́ ẹ fẹnu sọ èsì. Bí ọ̀rọ̀ yín bá hàn níbẹ̀, máìkì ń gbọ́ yín. Assistant nìkan ni wọn ò jẹ́ kó fetí sí i. Bí ibẹ̀ náà bá dákẹ́, ẹ wo ihò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago. Ọṣẹ, ìpara àti òógùn máa ń dí i. Aṣọ rírọ̀ tó gbẹ ni kẹ́ ẹ fi nù ún, ẹ má ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ o. Ẹ lè fi lu awọ tó ń dènà omi nínú rẹ̀.

Ti ẹ̀gbọ́n mi, bọ́ọ̀dù ìkọ̀wé gbọ́ wọn geere. Assistant kò gbọ́.

Ìyọ̀ǹda tí wọ́n fi ìkánjú kọ̀

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ jù níbí ni pé ìyọ̀ǹda orí fóònù yàtọ̀ sí ti aago. Ẹ lè ti gbà fún Google lórí fóònù láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, aago kò mọ̀ ọ́n. Orí aago fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ṣe é.

Ẹ ṣí Settings lórí aago, ẹ wọ Apps & notifications, lẹ́yìn náà App info. Lórí àwọn aago mìíràn, Apps lásán ni wọ́n kọ. Ẹ wá Assistant tàbí Google nínú àwọn orúkọ tó bá jáde. Bí aago yín bá ti bọ́ sí Gemini tí Google fi ń rọ́pò Assistant, orúkọ yẹn lẹ máa rí. Ẹ tẹ Permissions, kẹ́ ẹ wo Microphone.

Bó bá wà lábẹ́ ohun tí wọ́n kọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá aago ti bi wọ́n ní ìbéèrè kan rí. "Ó ń kọ nǹkan síbẹ̀, mo ń tẹ̀ ẹ́ kúrò. Mo rò pé ìpolówó ni." Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ kúrò. Láti Android 11, bí èèyàn bá ti kọ ìyọ̀ǹda kan fún áàpù lẹ́ẹ̀mejì, kò ní béèrè mọ́ láé. Kò ní ráhùn, kò ní kọ nǹkan sójú aago. Á kàn máa wò yín ni. Inú Settings nìkan lẹ ti lè dá a padà.

Ẹ yan While using the app. Only this time ni kẹ́ ẹ sá fún: ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń ṣiṣẹ́, kò pẹ́ tẹ́ ẹ bá ti pa áàpù dé tó fi máa lọ. Ẹni tó bá ní aago òun ń gbọ́ lónìí, kò gbọ́ lọ́la, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ wò.

Fóònù tó ń sọ Yorùbá

A gbà fún máìkì tán, Assistant ṣí, àmọ́ ó ní òun kò sí ní èdè yẹn. Mo gba fóònù wọn. Gbogbo ojú rẹ̀ ti di Yorùbá. Ọmọ wọn ló yí i láti fi ṣe wọ́n lóore.

Aago Wear OS máa ń gba èdè fóònù tó so mọ́. Google Assistant kò sì gbọ́ Yorùbá. Ó dùn mí láti kọ ọ́, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ tún má jẹ́ kí bọ́ọ̀dù ìkọ̀wé Yorùbá tàn yín: ká fi èdè kan tẹ nǹkan yàtọ̀ sí kí Assistant gbọ́ ọ.

Lórí fóònù, ẹ lọ sí Settings, System, Languages. Lórí fóònù Samsung, General management ni, lẹ́yìn náà Language. Ẹ fi English (United Kingdom) tàbí English (United States) kún un, kẹ́ ẹ fà á lọ sókè pátápátá. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ yọ Yorùbá kúrò, ẹ jẹ́ kó wà ní ipò kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí áàpù Google, ẹ tẹ àwòrán yín lápá òkè, ẹ wọ Settings, kẹ́ ẹ rí i pé èdè kan náà ló wà fún Google Assistant. Ẹ wá pa aago, kẹ́ ẹ tún un tàn, torí ó máa ń lọ́ra kó tó gba èdè tuntun lọ́dọ̀ fóònù. Dátà tàbí wáífáì ní láti wà kí èyí tó ṣiṣẹ́, torí orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń túmọ̀ ọ̀pọ̀ ohun tẹ́ ẹ bá sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ bọ́tìnnì, wọ́n ní "Set a timer for forty minutes" nítorí mọ́ínmọ́ín tó wà lórí iná. Aago bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Wọ́n wá ní kó pe Àdùnní. Ó gbé orúkọ mìíràn tí ò jọ ọ́ rárá wá. Òun tí à ń bá sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò lè mọ ohùn orí orúkọ wa. A tún gba ìyọ̀ǹda Contacts fún un níbi tá a ti gba ti máìkì, a sì yí orúkọ Àdùnní nínú fóònù sí "Big Mummy". Ìyẹn ló gbọ́.